Mo fi oko iṣu kọ orin fún ìyá mi, ó já mọ́ mi lọ́wọ́ ní ẹsẹ kejì

Ọmọ Kẹta

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyá mi máa pé 70 ọdún lóṣù tó ń bọ̀, èmi sì ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ orin tí a ó fi gbé e jó. Bàbá wa kú nígbà tí a ṣì kéré. Ìyá nìkan ló tọ́ wa, iṣẹ́ oko ló sì fi tọ́ wa. Mo wá rò ó pé n kò ní dárúkọ ìyà, n kò ní dárúkọ ọmọ, kí orin náà jẹ́ oko iṣu látòkè délẹ̀. Ìyá ni àgbẹ̀, àwa ọmọ ni iṣu. Ohun tí mo kọ rèé:

*Ìyá mi mú ọkọ́, ó gba oko lọ,*
*Òjò ò tíì rọ̀, ó ti kọ ebè.*
*Ebè márùn-ún ló kọ lọ́dún náà,*
*Oòrùn ń pa á, kò fọhùn.*

*Ìyá mi, wúrà mi, ìràwọ̀ mi.*

*Iṣu ta, ó ta dọ́ba,*
*Ìyá mi wa á, ó sè é, ó jẹ ẹ́ yó.*

*Ọkọ̀ rẹ ti gúnlẹ̀ sí èbúté, ìyá,*
*Ìgbì ò lè dà ọ́ nù mọ́.*

*Ìyá mi, wúrà mi, ìràwọ̀ mi.*

Ẹsẹ kìíní tẹ́ mi lọ́rùn. Láti ẹsẹ kejì lọ ni ara mi ò ti balẹ̀ mọ́, n kò sì mọ ibi tí mo lè tọ́ka sí pé ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Tí mo bá kọ ọ́ tán, ó ń ṣe mí bíi pé orin mẹ́ta ni mo kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.

Akọrin Ìjọ

Ọkọ̀ ojú omi yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ó wá láti ibòmíràn. Èkejì, ẹ fi "bí" sí i kó lè yé àwọn èèyàn. "Ìyá mi dà bí àgbẹ̀, àwa ọmọ dà bí iṣu." Tí ẹ ò bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn àlejò tó wà ní òde á rò pé ìtàn oko lásán lẹ ń sọ. Nínú orin tí mo máa ń kọ, ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní "bí" tirẹ̀, gbogbo èèyàn ló sì ń gbè é.

Ìyá Ẹlẹ́kọ

Ọmọ mi, 70 ọdún kọ́ ni ti ọ̀rọ̀ oko. Oríkì ìyá rẹ ni kó o kì. Lọ bá àwọn àgbà ilé wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ, kó o sì fi ilù sí i. Ibi tí wọ́n bá ti pe oríkì rẹ̀ ni orí rẹ̀ á ti wú. Ẹ kú ìnáwó o.

Akéwì Àgbà

Mo kí Ìyá Ẹlẹ́kọ. Oríkì dára, ó sì yẹ kó wà níbi ayẹyẹ náà, àmọ́ ohun tí ọmọ yìí ń béèrè yàtọ̀. Ó ti gbé àwòrán kan kalẹ̀, ó ń wá bí kò ṣe ní í fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kí orin tó parí.

Akọrin Ìjọ sọ òótọ́ lórí ọkọ̀ ojú omi. N kò bá a gbà lórí "bí". Tí ẹ bá sọ pé ìyá dà bí àgbẹ̀, ẹ ti fi ìyá sápá kan, ẹ fi àgbẹ̀ sápá kejì, olùgbọ́ á máa yíjú síbí, á máa yíjú sọ́hùn-ún. Nínú ìlà kan, kò burú. Tí ó bá di ìlà méjìlá, àfiwé kéékèèké méjìlá lẹ ní, kò sí oko. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni ẹ ń fẹ́, èyí tí ìyá á wọ inú oko lọ, tí kò ní jáde mọ́ títí orin á fi tán. Ẹni tó wà ní òde á mọ̀ ọ́n, nítorí ìyá tí ẹ ń kọrin fún jókòó síwájú wọn.

Ẹ wá wo ègbè yín. Wúrà kì í hù lóko iṣu. Ìràwọ̀ nìyẹn náà, ojú ọ̀run ló wà. Ègbè ni olùgbọ́ máa gbọ́ jù, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, torí náà ní gbogbo ìgbà tí ègbè bá dé lẹ ń lé àwọn èèyàn kúrò lóko tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọn wọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe yín bí orin mẹ́ta.

Àmọ́ àìsàn tó wà ní ẹsẹ kejì ju èyí lọ. Ẹ ní àwa ọmọ ni iṣu. Lẹ́yìn náà ẹ ní ìyá wa iṣu, ó sè é, ó jẹ ẹ́ yó. Ta ni ìyá jẹ?

Ọmọ Kẹta

Ha! Orí mi wú. N kò rí i rí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́ ni, mo rò pé ó ń gbádùn rẹ̀.

Akéwì Àgbà

Ó ṣeé ṣe kí ó má mọ ohun tó gún òun náà. Ní ilẹ̀ wa, ẹ mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní "ajẹmọ". Ẹ ò pe ọ̀rọ̀ náà, àwòrán yín ló pè é.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé. Kí n tó kọ ìlà kan, mo á jókòó, mo á bi ara mi pé: gbogbo ohun tó wà lóko yìí, ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró fún? Àgbẹ̀, ọkọ́, ebè, èèbù, ìtàkùn, òjò, ẹ̀ẹ̀rùn, iṣu. Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ dúró fún nǹkan. Koríko lè jẹ́ koríko. Àmọ́ èyí tó bá ti dúró fún ẹnì kan, mo á bá a lọ dé ìparí ọdún, kí n wo ohun tí oko máa ṣe fún un. A máa ń wa iṣu, a máa ń gé e, a máa ń jẹ ẹ́. Tí iṣu bá jẹ́ ọmọ, gbogbo èyí á ṣẹlẹ̀ sí ọmọ, ẹ fẹ́ o, ẹ kọ̀ o.

Torí náà ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹ́ ebè. Ebè márùn-ún, ọmọ márùn-ún. Iṣu wá di ohun tí ọmọ ń mú wá fún ìyá. A máa ń gbàdúrà pé "ẹ ó jẹun ọmọ", ìyẹn sì ni ìyá ń jẹ báyìí. Kò jẹ ebè kankan.

Ẹnì kan lè sọ pé kí ìyá kúkú jẹ́ èèbù. Èmi náà rò ó, nítorí èèbù tí a rì sínú ebè ló ń fi ara rẹ̀ bọ́ ìtàkùn, títí yóò fi rọ, tí èèpo nìkan á kù. Orin ńlá ló wà níbẹ̀. Àmọ́ ìyá yín wà láàyè, ẹ má kọ ọ́ ní ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò mọ̀ nípa ewì, iṣu ni mo mọ̀. Ìlà kejì orin yín ò lè rí bẹ́ẹ̀. "Òjò ò tíì rọ̀, ó ti kọ ebè." Nígbà tí òjò ò tíì rọ̀, ilẹ̀ le bí òkúta, ọkọ́ á máa ta padà ni. Lọ́dọ̀ wa, ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ la máa ń kọ ebè iṣu, láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá, kí ilẹ̀ tó gan. Lẹ́yìn náà la á ri èèbù sínú rẹ̀. Kò ní hù lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ló máa fi wà nínú ilẹ̀, torí náà a á kó koríko tàbí ewé gbígbẹ dé ebè lórí, a á fi yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e. Tí a ò bá dé e, oòrùn á se èèbù nínú ebè. Tí òjò oṣù kẹta sí ìkẹrin bá dé, á wá hù.

Ohun kan tún wà tí ó lè wúlò fún yín. Ní nǹkan bí oṣù keje sí ìkẹjọ, tí iṣu tuntun bá ti tó jẹ, a kì í tú ebè ká. A á rọra la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a á gé iṣu náà lọ́rùn, a á fi orí rẹ̀ sílẹ̀ mọ́ ìtàkùn, a á sì da yẹ̀pẹ̀ bò ó padà. Kí ọdún tó parí, orí yẹn á tún ta iṣu mìíràn, òun la máa ń fi ṣe èèbù ọdún tó ń bọ̀. Ẹ jẹ nínú ebè, ebè ṣì wà níbẹ̀.

Ọmọ Kẹta

Baba, ẹ ò mọ ohun tí ẹ ṣe fún mi. Oṣù kẹwàá ni bàbá wa kú. Òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ lóòótọ́. N kò ní í dárúkọ bàbá, òjò tó ń lọ ti sọ ọ́.

Akéwì Àgbà

Ẹ rí i bí ó ṣe rí? Òótọ́ oko ló fún yín ní ohun tí ẹ ò rí nígbà tí ẹ ń ronú nípa ìyá. Ẹni tó bá ń kọ irú orin yìí gbọ́dọ̀ lọ bá ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀, kó béèrè pé kí ló tẹ̀ lé kí. Ètò iṣẹ́ náà ni yóò to ẹsẹ orin fún un.

Dẹ́rẹ́bà Ọ̀nà Ìlọrin

Ọ̀rọ̀ ètò yìí bá mi wí. Èmi kọ orin ìrìn àjò fún ìgbéyàwó àbúrò mi. Ìbàdàn ni ọkọ̀ ti gbéra, Ìlọrin ni à ń lọ, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ni ọdún kan nínú ìgbéyàwó. Nítorí pé "Ọ̀yọ́" dùn ní ẹnu mi ní ẹsẹ kẹta, mo jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ kí ó tó dé Ọ̀yọ́. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi tó wà níbẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ara wọn pé, ṣé tọkọtaya náà ti ń padà sẹ́yìn ni? Ó dùn mí gan-an, nítorí ẹsẹ yẹn ni mo fi ń gbàdúrà fún wọn jù. Mo ti tún un to báyìí: Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin. Ìbéèrè tèmi ni pé, ṣé orin ìrìn àjò lè parí kí ọkọ̀ tó dé? Èmi ò fẹ́ kí ìgbéyàwó wọn "dé" ibì kankan tó máa fi parí.

Akéwì Àgbà

Ó lè parí lójú ọ̀nà. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n ra omi mu, kí ọkọ̀ tún gbéra.

Onígángan

Kò sí ẹni tó tíì sọ̀rọ̀ ohùn, ohun tó lè dójú tì yín ní òde nìyẹn. Ẹ máa kọ ọ́ lórin ni, ẹ ò ní kà á. Tí ohùn orin bá tako àmì tó wà lórí ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á di nǹkan mìíràn. "Ìyá mi mú ọkọ́": tí ohùn orin yín ò bá gòkè ní ìparí, ohun tí àwọn èèyàn máa gbọ́ ni pé ìyá yín mú ọkọ. Opó ni wọ́n! "Èèbù" náà nìyẹn. Ohùn ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, tí ẹ bá gbé ìparí rẹ̀ sókè, ó ti di èébú, ìyá ń gbin èébú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ti "oko" ni mi ò ní sọ síbí. Ẹ fúnra yín ẹ gbé sílébù kejì rẹ̀ sókè, ẹ gbọ́ ohun tó ń jẹ́, kí ẹ sì rántí pé àwọn àgbà wà níbẹ̀.

Bí mo ṣe ń dán an wò ni pé mo á fi gángan sọ ìlà náà láìfi ẹnu kọ ọ́. Tí ẹni tó jókòó tì mí bá lè pè é padà fún mi, ohùn náà tọ́. Tí ó bá pe nǹkan mìíràn, mo á yí orin padà, n kò ní yí ọ̀rọ̀ padà, nítorí oko ò ní orúkọ méjì.

Ní ti ègbè, ṣé ẹ ò mọ bí a ṣe ń kí àgbẹ̀ ni? "Àroko bọ́dún dé o." Ẹ fi ṣe ègbè. Ohùn rẹ̀ ń gòkè fúnra rẹ̀, ìlù á gbà á láìjà.

Akéwì Àgbà

Onígángan, ẹ ṣeun. Ègbè yẹn ló máa so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmọ́ yóò máa yí nínú bí ọdún ṣe ń yí. Lẹ́yìn ẹsẹ kìíní, ẹni tó ń kọjá lọ ló ń kí opó tó tẹ̀ba sídìí ebè. Lẹ́yìn ẹsẹ tó kẹ́yìn, ọdún ti dé lóòótọ́, 70 ọdún.

Ọmọ Èkìtì

Ẹ má gbàgbé igi. Ìtàkùn tí kò rí igi gùn, ilẹ̀ ló máa rá sí, iṣu rẹ̀ ò ní tóbi. Ẹ fi ẹsẹ kan sí i níbi tí ìyá ti ń ri igi mọ́lẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan yín, ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn.

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn

Èkìtì ni ẹ ti ń ri igi gíga, ẹ ní igbó. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ni kì í fi igi sí i rárá, òmíràn á fi pòròpórò bàbà ṣe é. Iṣu wa ń ta dáadáa. Níbo ni oko ìyá yín wà, Ọmọ Kẹta? Ìyẹn ló máa pinnu.

Ìbéèrè mi kejì. Ẹ ní ebè márùn-ún. Ṣé márààrún ló hù? Mo ń béèrè nítorí oko tí gbogbo ebè rẹ̀ hù, n kò rí i rí láyé mi. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ nípa ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ebè tó ní òun gbin igba: tó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, yóò wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́.

Ọmọ Kẹta

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù fún mi lórí ìbéèrè kejì yẹn.

Apá Ìsẹ́yìn ni oko wà, wọn kì í fi igi sí i. Mo tún un kọ lóru àná:

*Òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ilẹ̀ ṣì rọ̀,*
*Ìyá gbé ọkọ́, ó kọ ebè márùn-ún.*
*Ó ri èèbù, ó fi koríko dé e lórí,*
*Kí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn má bàa sè é.*

*Àroko bọ́dún dé o, ìyá,*
*Àroko bọ́dún dé.*

*Òjò dé padà, ilẹ̀ lanu,*
*Ebè kan hù, èkejì tẹ̀ lé e.*
*Ìtàkùn ń wá ohun tí yóò dì mọ́,*
*Níbi tí igi ò sí, apá ìyá ni igi.*

*Àroko bọ́dún dé o, ìyá,*
*Àroko bọ́dún dé.*

*Iṣu ti tó jẹ, ẹ gbé agbọ̀n wá,*
*Ẹ tẹ́ ẹní síbòòji, kí ìyá jókòó.*
*Ebè tó fọwọ́ kọ ló ń bọ́ ọ lónìí,*
*Ó jẹ níbẹ̀, ó ku tàmọ́dún.*

Akọrin Ìjọ

Mo ti gbà báyìí. N kò rí "bí" kankan, ó sì yé mi. Àmọ́ mo ṣì rò pé ẹ yẹ kí ẹ ṣí i ní ìlà tó kẹ́yìn, kí ẹ sọ gbangba pé "àwa ọmọ rẹ ni ebè." Ìyá 70 ọdún ò gbọ́dọ̀ máa wá ìtumọ̀ ní ọjọ́ ayọ̀ rẹ̀.

Akéwì Àgbà

Tèmi kọ́. "Apá ìyá ni igi" ti ṣí i tó. Ibẹ̀ nìkan ni ara èèyàn ti yọ jáde láàárín ewé, ó sì tó. Tí ẹ bá túmọ̀ rẹ̀ ní ìparí, gbogbo ohun tí ìyá ti ń rí fúnra rẹ̀ lẹ ń gbà kúrò lójú rẹ̀. Àmọ́ ìyá yín ni, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Kẹta

Mo kọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí fóònù láìṣàlàyé. Nígbà tí mo parí, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ebè tó kọ́kọ́ hù, èmi nìyẹn, àbí?" Torí náà n kò ní í fi ìlà ìtumọ̀ sí i.

Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní ohun tí Baba Òkè-Ògùn bi mí. Màmá bí márùn-ún. Mẹ́rin la kù. Èyí tó tẹ̀ lé mi lọ nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ní ọdún kejì tí bàbá kú. A kì í sọ ọ́ níwájú màmá. Tí mo bá kọ mẹ́rin, màmá á mọ̀ pé mo yọ ọ́. Tí mo bá kọ márùn-ún, tí mo sì dákẹ́, irọ́ ni.

Ìyá Ẹlẹ́kọ

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Má kọ ọ́ o. Lójú gbogbo èèyàn, lọ́jọ́ ìdùnnú? A kì í fi ẹkún ṣí àpèjẹ. Ìyá tó bá sin ọmọ mọ ohun tó ń bò mọ́ra.

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn

Ẹ pẹ̀lẹ́. N kò mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń lọ tí mo fi béèrè. Ohun kan tí mo lè sọ fún yín láti oko ni pé a kì í wó ebè tí kò hù. Ó ṣì wà lórí ìlà pẹ̀lú àwọn yòókù. Tí a bá ń roko, a ń ro ó pẹ̀lú wọn.

Ọmọ Kẹta

Mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo dìde kúrò nídìí fóònù fún ìgbà díẹ̀. Mo kọ ìlà méjì yìí, kí wọ́n wà láàárín ẹsẹ kejì àti ìkẹta, láìsí ìlù:

*Ebè kẹrin ò hù.*
*Ìyá ń ro ó lọ bíi ti ìyókù.*

Mi ò tíì mọ̀ bóyá mo máa kọ ọ́ ní òde. Ọjọ́ Sátidé ni mo ń lọ sílé. Mo máa jókòó ti màmá ní alẹ́, níwọ̀n ìgbà tí àlejò ò tíì dé, mo á kọ gbogbo rẹ̀ fún un lóun nìkan, kí ó sọ fún mi bóyá kí n fi í sílẹ̀ tàbí kí n yọ ọ́.

Onígángan

Ẹ kíyè sí "hù" yẹn. Ohùn ìsàlẹ̀ ni, ó sì wà ní ìparí ìlà. Ẹ jẹ́ kó já síbẹ̀.